Ìdí tí A Fi Gba Mẹ́mórì Lọ́wọ́ Dátábéèsì kí Ó Tó Lè Yára

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìbàdàn gbé èsì ìdánwò sórí pọ́tààlì rẹ̀, àbúrò kan tó ń bá wọn tọ́jú sáfà pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Sáfà ò kú, àmọ́ kò ṣiṣẹ́. Ojú ewé kan ṣoṣo ń gba ìṣẹ́jú méjì kó tó ṣí." Mo bi í pé kí ló ti ṣe sí i láti àárọ̀. Ó ní òun rí i pé dátábéèsì ń fà, òun bá fi mẹ́mórì kún un, láti gígábáìtì 5 sí gígábáìtì 6. Àtìgbà yẹn ló ti burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ní kó dín in kù sí gígábáìtì 3.

Ó dákẹ́. Ó rò pé mi ò gbọ́ òun yé ni. Bó ṣe rò ó yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò ó: bí ẹ̀rọ bá ń fà, ẹ fi mẹ́mórì kún un, á yára. Ọ̀rọ̀ náà sì jóòótọ́ títí dé ibì kan. Ibi tí òótọ́ náà parí sí ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sáfà ń kú sí lọ́jọ́ tí èèyàn nílò wọn jù.

Dátábéèsì ni àpótí tí gbogbo àkọsílẹ̀ wà: orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, máàkì tó gbà nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, owó tó san àti èyí tó kù. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí àpótí náà wà nínú rẹ̀, òun ló ń dá gbogbo ẹni tó bá béèrè nǹkan lóhùn. Dátábéèsì tí ilé ẹ̀kọ́ yìí ń lò ni MySQL, tó ti wà láti ọdún 1995, tí ọ̀kẹ́ àìmọye sáìtì sì ń lò káàkiri ayé. Apá tó ń tọ́jú dátà nínú rẹ̀ ń jẹ́ InnoDB, iṣẹ́ ọwọ́ Heikki Tuuri, ọmọ ilẹ̀ Fínlándì.

InnoDB kì í mú àkọsílẹ̀ jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó pín gbogbo dátà sí ojú ewé, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ kílóbáìtì 16. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá béèrè èsì rẹ̀, odidi ojú ewé tí èsì náà wà ni InnoDB máa gbé wá láti orí dísíìkì sínú mẹ́mórì. Kì í sì dá a padà kíákíá. Á fi í síbẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíì béèrè ohun tó wà lójú ewé yẹn láìpẹ́. Ibi tó ń kó wọn jọ sí ní mẹ́mórì yìí là ń pè ní káàṣì, ètò tó sì ń sọ bó ṣe máa tóbi tó ni `innodb_buffer_pool_size`. Bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kan ètò náà, mẹ́gábáìtì 128 péré ló máa ń jẹ́, èyí sì kéré fún pọ́tààlì ilé ẹ̀kọ́. Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí gbogbo èèyàn máa ń gbọ́ fi jẹ́ pé kí wọ́n sọ ọ́ di ńlá.

Ẹ wo ìyá tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági. Aṣọ tí wọ́n ń béèrè jù ló ń kó sórí àtẹ níwájú ìsọ̀. Ìyókù wà ní sítọ́ọ̀ lẹ́yìn ọjà. Bí àtẹ bá fẹ̀, ìrìn sí sítọ́ọ̀ á dín kù. Iṣẹ́ àtẹ yẹn ni káàṣì ń ṣe. Ọ̀nà tó wà láàárín àtẹ àti sítọ́ọ̀ kò sì kúrú rárá. Mẹ́mórì ń dáni lóhùn láàárín nǹkan bí ìdá 100 nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá. Dísíìkì ìgbàlódé tí kò ní ohun tó ń yí nínú ń gbà tó ìlọ́po 1,000 àkókò yẹn, dísíìkì àtijọ́ tó ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù sì lè gbà tó ìlọ́po 100,000. Ká sọ pé mímú nǹkan láti mẹ́mórì gba ìṣẹ́jú àáyá kan, lílọ sórí dísíìkì ìgbàlódé á gba bíi ìṣẹ́jú 17, ti dísíìkì àtijọ́ á sì ju odidi ọjọ́ kan lọ.

Títí dé ibí, àbúrò mi jàre. Àtẹ tó fẹ̀ dára ju èyí tó há lọ. Ohun tí kò rántí ni pé ìyá aláṣọ kọ́ ló ni ìsọ̀.

Línúùsì ló ni ín, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí kọ̀ǹpútà náà látòkèdélẹ̀. Òun ló ń pín mẹ́mórì fún gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, dátábéèsì kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni. Bí mẹ́mórì bá fẹ́ tán, Línúùsì máa ń wá ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn láti ìgbà díẹ̀, á kó o lọ sí apá kan dísíìkì tí a ti yà sọ́tọ̀ fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Apá náà ni súwọ́ọ̀pù. Bí ẹni tó ni ẹrù bá tún béèrè rẹ̀, Línúùsì á gbé e padà, á sì kó ti ẹlòmíì jáde kí àyè lè wà. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Kọ̀ǹpútà Atlas ti Yunifásítì Manchester ti ń ṣe irú rẹ̀ ní 1962. Ní 1968, Peter Denning, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan tó fi ṣàlàyé àléébù rẹ̀: bí ohun tí gbogbo iṣẹ́ orí ẹ̀rọ nílò lẹ́ẹ̀kan náà bá ti ju mẹ́mórì lọ, ẹ̀rọ kì í rọra fà díẹ̀díẹ̀. Ńṣe ló máa ń já wálẹ̀ lójijì, nítorí ẹrù tó ń kó wọlé kó jáde ti gba gbogbo àkókò tó yẹ kó fi ṣiṣẹ́.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí le fún dátábéèsì ju fún ètò mìíràn lọ rèé, mo sì fẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó. InnoDB kò mọ̀ pé Línúùsì ti kó ojú ewé òun lọ. Lójú tirẹ̀, ojú ewé náà ṣì wà lórí àtẹ. Ó nawọ́ mú un, ó rò pé kíá ni, àṣé sítọ́ọ̀ ni wọ́n ti ń lọ gbé e bọ̀. Nígbà tó ń dúró, ó lè jẹ́ pé ó di kọ́kọ́rọ́ kan mú tí àwọn ìbéèrè mìíràn nílò, gbogbo wọn á sì tò sẹ́yìn rẹ̀.

Èyí tó tún burú jù ni bí InnoDB ṣe ń sọ àtẹ rẹ̀ di mímọ́. Ó to ojú ewé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n: èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lò wà lókè, èyí tí ó ti pẹ́ wà nísàlẹ̀. Bó bá fẹ́ àyè, ti ìsàlẹ̀ ló máa ń yọ kúrò. Àmọ́ ti ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni Línúùsì náà ti rí pé kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án, tó sì ti kó lọ sí súwọ́ọ̀pù. Bí àtúnṣe bá wà lójú ewé náà tí a kò tíì kọ sórí dísíìkì, Línúùsì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e padà láti súwọ́ọ̀pù sínú mẹ́mórì, kó lé nǹkan mìíràn jáde nítorí rẹ̀, kí InnoDB tó lè kọ ọ́ sórí dísíìkì, kó sì jù ú nù. Ìrìn mẹ́ta fún ojú ewé tí a fẹ́ jù nù. Ẹni méjì ló ń ṣètò ìsọ̀ kan náà, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, káàṣì tó tóbi ju mẹ́mórì tó wà nílẹ̀ burú ju káàṣì kékeré lọ. Bí káàṣì bá kéré, InnoDB mọ̀ pé ojú ewé kan kò sí, á lọ kà á lẹ́ẹ̀kan láti orí dísíìkì, ó parí.

Kí n tó ní kí àbúrò mi yí ohunkóhun padà, mo ní kó kọ́kọ́ fi hàn mí pé súwọ́ọ̀pù ni lóòótọ́, nítorí sáfà lè fà nítorí ohun mẹ́wàá mìíràn. Àṣẹ tó ń fi í hàn kò le:

```
vmstat 1
```

Á máa tẹ ìlà tuntun jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìlà kan nínú ohun tó kà sí mi létí rèé:

```
procs -----------memory---------- ---swap-- -----io---- -system-- ------cpu-----
 r  b    swpd   free   buff  cache   si   so    bi    bo   in   cs us sy id wa st
 2 19 2014336  88412   1204 143620 5120 6348  7904  7012 4120 6530  9  8  4 79  0
```

Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ `swpd` ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wò, òun ló sì ń ṣì wọ́n lọ́nà jù. Ó ń sọ pé bíi gígábáìtì 2 ti wà ní súwọ́ọ̀pù. Ìyẹn nìkan kì í ṣe àrùn. Línúùsì lè ti kó ohun tí wọn kì í lò lọ síbẹ̀ láti oṣù tó kọjá, kó má sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ibi tí àrùn wà ni `si` àti `so`: kílóbáìtì tó ń wọlé láti súwọ́ọ̀pù àti èyí tó ń jáde lọ síbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí méjèèjì bá ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún hàn ní ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn láìdúró, ẹrù ni ẹ̀rọ ń kó, kì í ṣe iṣẹ́. `wa` tó jẹ́ 79 sì ń sọ pé ìdá 79 nínú 100 àkókò ọpọlọ ẹ̀rọ ló fi ń dúró de dísíìkì. `b` tó jẹ́ 19 ni iye iṣẹ́ tó há, tó ń retí kí dísíìkì dáhùn.

Ó yá, a wá kó gbogbo ohun tó ń jẹ mẹ́mórì jọ, a ṣírò wọn. Ẹ̀rọ náà ní gígábáìtì 8, ìyẹn mẹ́gábáìtì 8,192. Káàṣì jẹ́ 6,144, àmọ́ InnoDB tún máa ń fi bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e láti fi tọ́jú àkọsílẹ̀ nípa àwọn ojú ewé fúnra wọn, ó di nǹkan bí 6,750. Orí ẹ̀rọ kan náà ni ètò PHP tó ń to ojú ewé pọ́tààlì wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan òṣìṣẹ́ PHP ń jẹ bíi mẹ́gábáìtì 50, wọ́n sì ti gba 40 láyè láti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà: 2,000 nìyẹn. Ká fi 400 sílẹ̀ fún Línúùsì fúnra rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ ti lé ní 9,000 kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó béèrè ohunkóhun.

Ẹ ó wá béèrè pé kí ló dé tó fi ń ṣiṣẹ́ láti oṣù mẹ́fà. Lójoojúmọ́, òṣìṣẹ́ PHP márùn-ún tàbí mẹ́fà péré ló ń ṣiṣẹ́, mẹ́gábáìtì 300 ni gbogbo wọn ń jẹ, ẹrù náà sì há sínú ẹ̀rọ. Ọjọ́ èsì nìkan ni 40 máa ń pé. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Gbèsè tí wọ́n ti jẹ sílẹ̀ ni olówó rẹ̀ wá gbà.

Gbèsè náà sì ṣì kù. MySQL kì í lo káàṣì ńlá yẹn nìkan. Ẹnikẹ́ni tó bá sopọ̀ mọ́ ọn máa ń gba mẹ́mórì tirẹ̀ lọ́tọ̀ nígbà tó bá ní iṣẹ́ tó nílò rẹ̀: èyí tó fi ń to àkọsílẹ̀ ní ipele-ní-ipele ń jẹ́ `sort_buffer_size`, èyí tó fi ń so tábìlì méjì pọ̀ nígbà tí kò sí íńdẹ́ẹ̀sì sì ń jẹ́ `join_buffer_size`. Kílóbáìtì 256 ni MySQL fúnra rẹ̀ fi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi bá ẹnìkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ní mẹ́gábáìtì 32 ló dára, ó sì fi í sí méjèèjì. Nọ́ńbà náà kò jọ ohun tó pọ̀ lójú. Àmọ́ kì í ṣe ti gbogbo ilé, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ni. Ìsopọ̀ 40, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba 32 fún títò àti 32 fún síso, lè jẹ tó 2,560. Ìbéèrè tó so tábìlì mẹ́rin pọ̀ tilẹ̀ lè gba ju ẹyọ kan lọ. Àpapọ̀ ohun tí wọ́n ṣe ìlérí fún àwọn ètò náà ti tó 11,700 lórí ẹ̀rọ tó ní 8,192.

Ohun tó ń sọ iná náà di ńlá ni pé ó ń bọ́ ara rẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kó parí ní ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá ń gba ìṣẹ́jú àáyá 20. Ẹni tó béèrè ò rí nǹkan, ó tún tẹ̀ ẹ́. Èyí àkọ́kọ́ kò tíì parí, ẹlẹ́ẹ̀kejì ti wọlé, ó gba òṣìṣẹ́ PHP tirẹ̀, ó gba ìsopọ̀ tirẹ̀, ó gba mẹ́mórì tirẹ̀. Bí sáfà ṣe ń fà sí i ni iye àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ẹrù kì í fi sọ̀ fúnra rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àbúrò mi fẹ́ tan sáfà pa kó tún un tàn. Mo ní kó dúró. Bó bá pa á, gbogbo ohun tó wà nínú káàṣì á lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ á sì bá àtẹ òfìfo. Ojú ẹnu ọ̀nà la ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Nínú ètò PHP, a yí `pm.max_children` láti 40 sí 20. Àwọn tó bá wá á dúró díẹ̀ níta, àmọ́ àwọn tó bá wọlé á rí iṣẹ́ wọn parí. Lẹ́yìn náà ló wá tẹ àwọn àṣẹ yìí:

```
SET GLOBAL sort_buffer_size = 262144;
SET GLOBAL join_buffer_size = 262144;
SET GLOBAL max_connections = 60;
SET GLOBAL innodb_buffer_pool_size = 3221225472;
```

Nọ́ńbà ìkẹyìn ni gígábáìtì 3, tí a kọ ní báìtì. Láti MySQL 5.7 ni a ti lè yí i padà láìpa dátábéèsì. Ohun méjì wà tí ẹni tó bá ń ṣe é gbọ́dọ̀ mọ̀. Àkọ́kọ́, ìsopọ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀ kò ní gba iye tuntun ti títò àti síso. Tiwọn àtijọ́ ni wọ́n á máa lò títí wọ́n á fi já, àwọn tó bá wọlé lẹ́yìn náà ló máa gba ti tuntun. Èkejì, dídín káàṣì kù kì í ṣe ojú ẹsẹ̀. InnoDB gbọ́dọ̀ kọ àtúnṣe tó wà lójú àwọn ojú ewé tó fẹ́ fi sílẹ̀, èyí tó wà ní súwọ́ọ̀pù nínú wọn sì gbọ́dọ̀ padà wá ná. Ó gba ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, nọ́ńbà `si` tilẹ̀ tún gòkè sí i ní àkókò yẹn. Àbúrò mi fẹ́ fagi lé e. Mo ní kó ṣe sùúrù.

Nígbà tó yá, `so` di 0. Kò pẹ́, `si` náà tẹ̀ lé e. `wa` já láti 79 sí 6. Ojú ewé èsì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Kí ló dé tí mo fi sọ gígábáìtì 3, tí mi ò sọ 4 tàbí 2? Ìwé tí àwọn tó ṣe MySQL kọ sọ pé kí káàṣì gba ìdá 50 sí 75 nínú 100 mẹ́mórì ẹ̀rọ. Ìmọ̀ràn tó dára ni, àmọ́ ẹ̀rọ tí dátábéèsì nìkan ń gbé ni wọ́n ní lọ́kàn. Bí PHP bá ń gbé inú ilé kan náà, ẹ kọ́kọ́ yọ tirẹ̀ kúrò. Èmi ka iye tí òṣìṣẹ́ PHP 30 máa jẹ, nítorí iye tí mo fẹ́ kí wọ́n padà sí nìyẹn: 1,500. Mo ka 500 fún Línúùsì, 400 fún àwọn nǹkan mìíràn tí MySQL ń jẹ, 120 fún ìsopọ̀ 60. Lẹ́yìn náà mo béèrè bí dátà wọn ṣe tóbi tó, pẹ̀lú gbogbo íńdẹ́ẹ̀sì rẹ̀:

```
SELECT SUM(data_length + index_length)/1024/1024
FROM information_schema.tables;
```

Èsì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mẹ́gábáìtì 3,400, gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ta ló ń béèrè èsì ọdún mẹ́fà sẹ́yìn lọ́jọ́ tí èsì tuntun jáde? Ìwọ̀nba tí wọ́n ń fọwọ́ kàn kò tó ìdajì. Káàṣì gígábáìtì 3 ti pọ̀ tó fún un, pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́wàá tó máa ń lé e, ó di 3,380. Ẹ ró gbogbo rẹ̀ pọ̀: 5,900. Ó ku bíi gígábáìtì 2 tí ẹ̀rọ fi ń mí. Mẹ́mórì tó kù yìí kì í ṣe òfò. Línúùsì ń lò ó láti fi tọ́jú fáìlì tó ń kà lemọ́lemọ́, ó sì máa ń fi í sílẹ̀ lọ́gán bí ẹlòmíì bá nílò rẹ̀.

Ẹni tó bá dín káàṣì kù gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti dín in kù jù. MySQL ń ka iye ìgbà tí wọ́n béèrè ojú ewé lọ́wọ́ káàṣì àti iye ìgbà tí kò bá a níbẹ̀ tó fi lọ sórí dísíìkì:

```
SHOW GLOBAL STATUS LIKE 'Innodb_buffer_pool_read%';
```

Nínú ohun tó máa tẹ̀ jáde, ẹ wo `Innodb_buffer_pool_read_requests` àti `Innodb_buffer_pool_reads`. Láti ìgbà tí dátábéèsì ti tàn ni wọ́n ti ń kà á bọ̀, nítorí náà kíkà ẹ̀ẹ̀kan kò sọ nǹkan gidi. Ẹ kà á, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, ẹ tún un kà, kí ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Tiwa jẹ́ mílíọ̀nù 24 ìbéèrè, nínú èyí tí 36,000 lọ sórí dísíìkì. Àwọn kan máa ń fẹ́ sọ ọ́ di ìdá nínú 100, kí wọ́n sì máa yọ̀ pé 99.85 ni. Èmi kì í gbára lé e. Ohun tí mo máa ń wò ni iye tó ń lọ sórí dísíìkì ní ìṣẹ́jú àáyá kan: 36,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 600, ó jẹ́ 60. Dísíìkì ìgbàlódé tí wọ́n ń lò lè kà ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po púpọ̀ láìlàágùn. Káàṣì náà tó. Ká ní ó jẹ́ 6,000 ni, tí `si` àti `so` sì wà ní 0, à bá mọ̀ pé àyè wà láti fi díẹ̀ kún un, ká sì máa wò ó.

Ní ọjọ́ kejì, mo ní kó bá mi wá ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ronú pé `join_buffer_size` nílò mẹ́gábáìtì 32. Ó fi `EXPLAIN` síwájú ìbéèrè tó ń gbé èsì jáde, a sì rí ọ̀rọ̀ náà lójú rẹ̀: `Using join buffer`. Tábìlì èsì kò ní íńdẹ́ẹ̀sì lórí nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́. Nígbàkigbà tí ẹnì kan bá béèrè èsì tirẹ̀, gbogbo tábìlì ni MySQL ń kà láti òkè délẹ̀, tó sì ń kó gbogbo ojú ewé rẹ̀ gba inú káàṣì kọjá. Ìlà kan ló wò ó sàn:

```
CREATE INDEX idx_result_student ON results (student_id);
```

Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè náà kò fi ojú kan mẹ́mórì síso mọ́. Ó dùn mí pé íńdẹ́ẹ̀sì yìí ni nǹkan tó yẹ kí ẹni tó kọ pọ́tààlì náà ti fi sí i láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mẹ́mórì ni wọ́n fi ń bo ihò yẹn láti ọdún yìí wá.

Ètò kan wà lọ́wọ́ Línúùsì náà, `vm.swappiness`. Òun ló ń sọ bó ṣe máa yá Línúùsì lára tó láti kó ẹrù ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ sí súwọ́ọ̀pù dípò kó ju àdàkọ fáìlì tó wà nínú mẹ́mórì nù. Iye rẹ̀ máa ń jẹ́ 60. Fún sáfà dátábéèsì, a fi í sí 1:

```
sysctl vm.swappiness=1
```

Ó wúlò lọ́jọ́ tí ẹrù kò pọ̀ ju àyè lọ, tí Línúùsì sì kàn ń fẹ́ fi ojú ewé dátábéèsì ṣàyè fún fáìlì tí wọ́n ń dà kọ lóru. Bí ìṣirò bá ti ju mẹ́mórì lọ bíi tiwa yìí, kò lè ṣe nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá pa súwọ́ọ̀pù pátápátá. Ẹ̀rọ kò ní kó ẹrù lọ sí súwọ́ọ̀pù mọ́ lóòótọ́, àmọ́ bí mẹ́mórì bá tán, Línúùsì á mú ètò tó ń jẹ jù, á pa á lójú ẹsẹ̀. Lórí sáfà dátábéèsì, ẹ mọ ẹni tó ń jẹ jù. Bí ẹ bá bá dátábéèsì yín pé ó tún ara rẹ̀ tàn láàárín òru láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ẹ fi `dmesg` wò ó, ẹ ó rí `Out of memory` àti orúkọ `mysqld` lórí ìlà kan náà. Èmi máa ń fi súwọ́ọ̀pù kékeré sílẹ̀, gígábáìtì kan tàbí méjì, kí n lè rí `so` tó ń mi kí ikú tó dé.

Ibì kan sì wà tí gbogbo ìyípadà yìí kò lè dé. Bí ìwọ̀nba dátà tí wọ́n ń fọwọ́ kàn lójúmọ́ bá jẹ́ gígábáìtì 20, ẹ̀rọ gígábáìtì 8 kò lè gbé e, bó ti wù kí a pín in. Owó mẹ́mórì ni kí wọ́n san nígbà náà, tàbí kí wọ́n kó PHP lọ sí ẹ̀rọ tirẹ̀ kí dátábéèsì lè dá nìkan gbé. Ilé ẹ̀kọ́ yìí kò tíì dé ibẹ̀.

Àbúrò mi kọ gbogbo iye tuntun náà sínú fáìlì `my.cnf`, nítorí ohun tí a bá fi `SET GLOBAL` yí á padà sí ti tẹ́lẹ̀ bí dátábéèsì bá kú tó sì jí. Ó dá òṣìṣẹ́ PHP padà sí 30. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà káàṣì, ó kọ ìṣirò náà síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlàyé: 3,380, 1,500, 500, 400, 120. Nígbà tí èsì sáà kejì jáde, ó fi ìlà kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù láago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí òṣìṣẹ́ PHP 30 ń ṣiṣẹ́ pọ̀. `swpd` jẹ́ 41,216. `si` jẹ́ 0, `so` jẹ́ 0.